Irun Kíká Tí Ò Kúrú Tí Ò Gùn: Bí Ọkùnrin Ṣe Lè Mú Un Jọjú Lọ Sí Intafíù

Ẹ̀yin ọkùnrin tí irun yín ń ká, tó ti kọjá irun gígẹ̀ kúkurú àmọ́ tí ò tíì dé èjìká, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tí wọ́n ti pè fún intafíù tó wá dúró síwájú jígí tó ń rò ó pé ṣé kí n kúkú fá gbogbo ẹ̀ dànù ni. Ẹ má tíì fá a. Ẹ fa irun iwájú yín wálẹ̀ kó nà tán, tó bá dé orí imú tàbí ẹnu, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, irun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kó máa yọ wá lẹ́nu ni pé kò kúrú débi tó máa jókòó fúnra ẹ̀, kò sì gùn débi tí ìwúwo ẹ̀ á fi fà á wálẹ̀, torí náà ibi tó bá wù ú ló ń nà sí.

Ohun kan ṣoṣo lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Omi ló ń tú irun kíká, gbígbẹ ló sì ń dì í. Bí irun bá ti rẹ, ìkáká ẹ̀ á dẹ̀, ẹ lè darí ẹ̀ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó bá wà nígbà tó ń gbẹ náà ló máa dúró sí títí ẹ ó fi tún fomi kàn án. Ìdí nìyẹn tí òòyà tẹ́ ẹ bá fi ya irun tó ti gbẹ ò fi lè tún un ṣe, ńṣe ló máa tú àwọn fọ́nrán irun tó ti so mọ́ra wọn ká, orí á wú bí òwú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wẹ̀ láàárọ̀ intafíù, a ó fi táwẹ̀ẹ̀lì ha orí gbùrù-gbùrù, a ó wọ ṣáàtì, a ó jáde tòun ti irun tútù, ó wá ń gbẹ lójú ọ̀nà nínú atẹ́gùn, ọwọ́ wa náà ò sì kúrò lórí ẹ̀. Ká tó débẹ̀, ó ti gbẹ tán sí ipò tí ò dáa. Torí náà alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la ó ti ṣe irun yìí, kì í ṣe àárọ̀.

Sítáì mẹ́ta ló wà tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Àkọ́kọ́ ni yíya irun sí ẹ̀gbẹ́ kan kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìkáká ẹ̀ hàn dáadáa, ìkejì ni dída gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn, ìkẹta ni dídì í ní ìpàkọ́. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù torí ó bá orí tó pọ̀ jù mu, kò sì nílò irun tó gùn jọjọ, òun ni mo máa fara balẹ̀ ṣàlàyé, àwọn méjì yòókù á wá rọrùn torí ọ̀nà kan náà ni.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ bábà, bí ọjọ́ 5 sí 7 kí intafíù tó dé, ẹ má lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú ẹ̀. Bí abẹ bá kan ìpàkọ́, ó lè sú wóróbo-wóróbo lọ́jọ́ kejì, ojú ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá á sì máa dán yàtọ̀ sí ara tó kù, ó sì máa ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó balẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un ò pọ̀: kó fi irun òkè sílẹ̀, kó fi kílípà dín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kù díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó tún etí àti ìpàkọ́ ṣe kó mọ́. Tó bá fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì gé òkè díẹ̀, ẹ ní kó gé e nígbà tó gbẹ, tàbí kó gé ìdajì ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn tó bá jẹ́ pé ó ti fomi rẹ ẹ́. Irun kíká tó rẹ máa ń gùn lójú, tó bá gbẹ tán ló máa sún kì, ẹ̀yin á wá rí i pé èyí tẹ́ ẹ rò pé ó máa kan ojú ti wà lókè iwájú orí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà kẹ́ ẹ dán kírímù àti jẹ́ẹ̀lì yín wò. Ẹ fi díẹ̀ nínú kírímù irun àti díẹ̀ nínú jẹ́ẹ̀lì sí àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ fi ìka pò wọ́n pọ̀. Tó bá jọ̀lọ̀, wọ́n bára mu. Tó bá di kóró-kóró bíi wàrà tó dì, ohun tó máa ṣe lórí yín náà nìyẹn, tó bá gbẹ á di èépá funfun wẹ́wẹ́ tó máa máa já bọ́ sórí kóòtù, àwọn tó jókòó síwájú yín á sì rò pé awọ orí yín ló ń bó. Ọ̀pọ̀ ló ti ju jẹ́ẹ̀lì tó dáa nù tó jẹ́ pé kírímù abẹ́ ẹ̀ ló ń bá a jà.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtù, bíi agogo 6 ìrọ̀lẹ́, torí irun tó bá nípọn lè gba wákàtí mẹ́ta mẹ́rin kó tó gbẹ fúnra ẹ̀. Ẹ fi ṣampúù fọ awọ orí, ẹ má fi ha gígùn irun, ìfófòó tó ń ṣàn wálẹ̀ ti tó o. Ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ wá fi kọndíṣọ́nà sí i dáadáa láti àárín irun dé ṣóńṣó. Ìgbà tí kọndíṣọ́nà ṣì wà lórí, tí irun ń yọ̀ lọ́wọ́, nìkan ṣoṣo ni eyín òòyà ní iṣẹ́ ṣe nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lo òòyà tí eyín ẹ̀ jìnnà síra, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ṣóńṣó kẹ́ ẹ máa gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí irun, gbogbo kókó ló ń tì jọ sójú kan, á wá máa já a. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣàn án, àmọ́ ẹ má nù ún. Omi gbọ́dọ̀ ṣì máa kán.

Ibi tẹ́ ẹ máa ya irun sí ló kàn. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé èèyàn á kàn yàn apá tó wù ú, irun á sì máa bá a jà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ da gbogbo irun tútù náà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àárín orí, kẹ́ ẹ wá tì í síwájú díẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ máa rí i pé irun máa là fúnra ẹ̀ níbì kan, lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ fi ìrù òòyà fa ilà náà láti òkè ibi tí ìpéǹpéjú ti tẹ̀, lọ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ tó dé ibi tí irun ti ń yí po ní àtàrí. Ẹ má dààmú bí ilà yẹn ò bá tọ́ bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà, lórí irun kíká, ilà tó rọ̀ díẹ̀ ló ń jọjú, èyí tó bá tọ́ jù máa ń parẹ́ kó tó di àárọ̀.

Kírímù ló ń ṣáájú, bíi ìwọ̀n orí àtàǹpàkò, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì pa á kó tàn ká, kẹ́ ẹ wá fi ra irun. Jẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé e, bíi ìlọ́po méjì ìyẹn. Irun gbọ́dọ̀ rẹ gan-an nígbà tẹ́ ẹ ń fi jẹ́ẹ̀lì sí i, torí omi ló ń bá a tàn kiri, tí irun bá ti gbẹ díẹ̀, jẹ́ẹ̀lì á kórajọ síbì kan, ibòmíì ò ní rí nǹkan kan gbà, ibẹ̀ ló sì máa wú. Ẹ fi ìka ya apá kékeré lọ sẹ́yìn kó gba òkè etí kọjá, kẹ́ ẹ fi ìka ya apá ńlá gba iwájú orí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó tún lọ sẹ́yìn díẹ̀. Iwájú orí yín gbọ́dọ̀ hàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ṣóńṣó irun, kẹ́ ẹ máa fún un sókè lápò-lápò, ẹ máa gbọ́ ìró omi nínú ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìkáká kóra jọ. Ẹ mú kílíìpù kékeré méjì, kẹ́ ẹ fi di ìdí irun iwájú mú sí apá tẹ́ ẹ fẹ́ kó kọjú sí, kó wà níbẹ̀ títí á fi gbẹ. Kílíìpù méjì yìí ló ń gba iwájú là, ẹ má fò ó o.

Táwẹ̀ẹ̀lì líle yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ mú síngílẹ́ẹ̀tì tàbí tíṣáàtì òwú tó ti gbó, kẹ́ ẹ fi fún omi tó ń kán lára irun láti ìsàlẹ̀ sókè, láìfi ha á. Kẹ́ ẹ wá gbọ́wọ́ kúrò. Ibí yìí ló nira jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn torí ọwọ́ máa ń fẹ́ lọ síbẹ̀ ṣáá láti wò ó pé ṣé ó ti ń gbẹ. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án lẹ ń tú ìkáká kan ká. Ẹni tí ò lè dúró lè lo diráyà tí wọ́n fi abọ́ oníhò sí lẹ́nu, kó jẹ́ pé iná kékeré àti atẹ́gùn kékeré ló fi sí, kó gbé e jìnnà díẹ̀, kó má máa fì í kiri. Diráyà tí ò ní abọ́ yẹn lẹ́nu, atẹ́gùn ẹ̀ á kàn tú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe ká ni.

Bó bá ṣe ń gbẹ, irun á le gán-ín bíi bébà. Ẹ má bẹ̀rù, awọ jẹ́ẹ̀lì ni, òun ló di ìkáká mú. Ṣùgbọ́n ẹ má fọ́ ọ kó tó gbẹ dénú. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni kẹ́ ẹ ti ìka kan bọ ìdí irun ní ìpàkọ́, ibẹ̀ ló ń gbẹ kẹ́yìn. Tó bá tutù sí ìka, omi ṣì wà ńbẹ̀. Tó bá ti gbẹ tán pátápátá, ẹ kán òróró ẹ̀kán kan tàbí méjì sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ pa á, kẹ́ ẹ máa fún irun náà jẹ́jẹ́ títí líle yẹn á fi lọ. Ohun tó máa kù ni irun tó rọ̀ lọ́wọ́, tó ká dáadáa, tó sì dúró síbi tẹ́ ẹ fi í sí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ fi aṣọ sátínì wé orí tàbí kẹ́ ẹ fi tẹ́ pílò. Aṣọ pílò òwú máa ń fa irun, á sì máa mu òróró ara ẹ̀. Láàárọ̀, ẹ má ya á, ẹ má wẹ̀ ẹ́. Ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí ọwọ́, kẹ́ ẹ fi kan kìkì ibi tó bá ti yọ jáde. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì bíńtín sórí búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀, tẹ́ ò lò mọ́, kẹ́ ẹ fi tẹ́ etí irun ní ẹ̀bátí, kẹ́ ẹ fi sátínì yẹn dè é fún bíi mínítì 10 nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọṣọ. Ṣáàtì oníbọ́tìnnì ni kẹ́ ẹ wọ, ohunkóhun tó bá gba orí wọlé, ẹ wọ ọ́ kẹ́ ẹ tó tú sátínì.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àbúrò mi kan. Irun ẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 12 níwájú, ó ká bíi sípírínǹgì, ó sì nípọn. Wọ́n pè é fún intafíù agogo 10 àárọ̀ ọjọ́ Tuesday, mo ní kó kọ́kọ́ dán an wò ní Satide. Ó pè mí ní Sunday, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí mi ti wú o, ó dà bíi pé mi ò ṣe nǹkan kan." Mo bi í ní ohun tó ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Àṣé agogo 9 alẹ́ ló fọ irun, ó fi táwẹ̀ẹ̀lì nù ún kó tó fi jẹ́ẹ̀lì sí i, ó sùn lé e lórí nígbà tí àárín ẹ̀ ṣì rẹ, ó wá jí ó fi òòyà ya á kó lè jọjú. Ohun mẹ́rin ló ṣì ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì tó ba irun jẹ́ lọ́tọ̀. Ní Monday ó bẹ̀rẹ̀ ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́, ó ya irun sí apá òsì tó jẹ́ ibi tó là sí fúnra ẹ̀ (ọ̀tún ló ti ń fi tipátipá ya á tẹ́lẹ̀), ó fi jẹ́ẹ̀lì sí i nígbà tí omi ṣì ń kán, ó fi kílíìpù mú iwájú. Ní agogo 9 ìpàkọ́ ṣì tutù, ó fi diráyà parí ẹ̀ fún bíi mínítì 15. Láàárọ̀, ẹ̀bátí nìkan ló tún ṣe. Ó ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi kó tó jáde, iwájú, ẹ̀gbẹ́, àti ẹ̀yìn, mo rí i pé ìkáká kan ń nà sókè ní àtàrí, mo ní kó fomi kàn án kó yí i mọ́ ìka fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó sì jókòó.

Dída gbogbo irun sẹ́yìn ń kọ́? Ìgbésẹ̀ kan náà ni, àfi pé kò sí ilà, gbogbo ẹ̀ lẹ máa fi ìka darí kúrò níwájú lọ sí ìpàkọ́, kẹ́ ẹ fi sátínì de etí irun níwájú fún bíi mínítì 20 nígbà tó ṣì rẹ. Ó nílò kí irun iwájú tó bíi sẹ̀ǹtímítà 12 ó kéré tán, tó bá kúrú jùyẹn lọ, á gbẹ tán á fò dìde bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni jẹ́ẹ̀lì àpọ̀jù, orí á máa dán yanran bí èyí tí wọ́n da òróró lé, kò sì ní jọ orí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ wá jẹ́ẹ̀lì tí kì í dán, tàbí kẹ́ ẹ dín in kù kẹ́ ẹ fi kírímù kún un.

Ti dídì ní ìpàkọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá irun iwájú lè dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dì í sí. Lórí sẹ̀ǹtímítà 15, àwọn kan lè má dé, wọ́n á sì máa já wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín intafíù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi sítáì yìí sílẹ̀, ẹ má fi tipá fà á. Tó bá dé, ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ ni kẹ́ ẹ dì í sí, kì í ṣe òkè orí, rọ́bà tí wọ́n fi aṣọ bò tí àwọ̀ ẹ̀ jọ ti irun ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má dì í le. Tẹ́ ẹ bá gbé ojú sókè tí awọ iwájú orí ń fà yín, ó ti le jù nìyẹn, orí á máa fọ́ yín kí wọ́n tó pè yín wọlé, ẹni tó bá sì ń fà á bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, irun iwájú ẹ̀ á máa sá lọ sẹ́yìn ni. Dídì ìdajì òkè kí ìdajì ìsàlẹ̀ máa já wálẹ̀, èmi ò gbà á fún intafíù, ó dáa fún ìgbafẹ́.

Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ náà tàbí tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ẹ lo agbòjò, ẹ má dé fìlà, fìlà á tẹ òkè mọ́lẹ̀ á sì fi etí ẹ̀ kọ ilà sórí irun. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fọ́ awọ jẹ́ẹ̀lì yẹn tán pátápátá lálẹ́, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọ́ ìyókù nígbà tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, kẹ́ ẹ wo èjìká bóyá èépá wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá irun kan ò bọ́ sójú, kẹ́ ẹ fi ìka tútù tẹ èyí tó bá yọ. Ó parí nìyẹn, ẹ má tún gbogbo ẹ̀ ṣe.

Tó bá jẹ́ intafíù orí fídíò, ẹ má jókòó kẹ́yìn sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀yìn wá máa ń fi gbogbo irun wẹ́wẹ́ tó yọ hàn yí orí ká, kódà èyí tí jígí ò fi hàn yín. Ẹ kọjú sí fèrèsé. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ńlá tó ń gba orí kọjá náà máa ń pín irun sí méjì, ẹ lo èyí tó ń bọ inú etí.

Ẹni tó bá wá jí pẹ́, tí mínítì 15 péré ló kù, kó má wẹ orí. Kó fọ́n omi sí irun títí òkè ẹ̀ á fi rẹ níwọ̀nba, kó fi jẹ́ẹ̀lì sí i, kó da gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn tàbí kó ya á síbi tó là sí fúnra ẹ̀, kó fi sátínì tàbí tíṣáàtì òwú dè é nígbà tó ń wọṣọ, kó tú u bó bá fẹ́ jáde. Ìkáká ẹ̀ ò ní hàn tó ti alẹ́, àmọ́ á tẹ́, á sì mọ́, tó bá sì gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀ lójú ọ̀nà, bó ṣe wà náà ló máa bá a dé ibẹ̀.